Bí A Ṣe Ń Ka Bíìlì Iná Ilé-Iṣẹ́, Tí A Sì Ń Rẹ Ṣóńṣó Ẹrù Iná Sílẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ máa ń bi mí: "Ẹnjiníà, orí bíìlì wa ni wọ́n kọ MD, ìyẹn maximum demand, sí. Tí mo bá ní kí wọ́n máa lo kúráṣà ní òru, ṣé owó iná mi máa wálẹ̀?"

Rárá sà. Ní Nàìjíríà, owó náà kò ní yí padà, kódà náírà kan. Síbẹ̀, mo ṣì máa ní kí ẹ gbé kúráṣà náà, ẹ̀rọ tó ń lọ ìdọ̀tí ike, lọ sí òru. Ìdí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi jẹ́ òótọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ lẹ́yìn, tí ó sì ní ọ́fíìsì níwájú.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Bíìlì oṣù méjìlá, láìfo oṣù kankan
- Ìwé ìdíyelé tuntun tí ilé-iṣẹ́ iná yín gbé jáde
- Àwòrán ojú mítà àti ti bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ CT, ẹ̀rọ tó ń dín áńpì kù kí mítà lè kà á
- Orúkọ gbogbo ẹ̀rọ, pẹ̀lú kW tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀
- Àkọsílẹ̀ wákàtí jẹnẹrétọ̀ àti lítà dísẹ́ẹ̀lì

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ má pa pọ̀. kWh ni àpapọ̀ iná tí ẹ jẹ; bí iye garawa omi tí ẹ fà ní oṣù kan ló rí. kW ni bí omi náà ṣe ń yára jáde ní ìṣẹ́jú kan pàtó. kVA ni bí páìpù ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí omi náà lè gba inú rẹ̀, àti èyí tí ó wúlò àti èyí tí ó kàn ń lọ tí ó ń bọ̀ lásán. Ṣóńṣó ẹrù ni kW tàbí kVA tí ó ga jù lọ tí mítà rí ní oṣù náà. Kì í ṣe ti ìṣẹ́jú àáyá kan o. Mítà máa ń ṣe ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, ó sì máa ń tọ́jú èyí tí ó ga jù.

Ní Nàìjíríà, MD1 àti MD2 kàn ń sọ irú oníbàárà tí ẹ jẹ́ ni. MD1 ni àwọn oníbàárà ńlá tí ń gba iná ní 415 V, MD2 sì ni àwọn tí ń gbà á ní 11 kV tàbí 33 kV. Láti oṣù kejì ọdún 2016 ni NERC, àjọ tí ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti yọ owó oṣooṣù tí kò ṣe é yí padà kúrò. Láti ọdún 2020 sì ni wọ́n ti ń fi báńdì ṣe ìdíyelé: Báńdì A ni àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Báńdì B wákàtí 16, Báńdì C wákàtí 12. Ohun tí ẹ ń san ni kWh ní ìlọ́po iye owó, kí wọ́n wá fi VAT 7.5% lé e. Ààjìn tàbí ọ̀sán, iye kan náà ni.

Lẹ́yìn òfin iná mànàmáná ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti gba àṣẹ láti máa bójú tó iná tiwọn. Nítorí náà, ìwé ìdíyelé ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ wò, kí ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní ìpínlẹ̀ mìíràn sọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ìlọ́po mítà wò

Ibí yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí àṣìṣe tí ó wà níbí lè ju gbogbo ohun tí ẹ máa fi ọdún kan dín kù lọ.

Mítà ilé-iṣẹ́ kì í gba gbogbo iná kọjá nínú ara rẹ̀. CT ló máa ń fún un ní díẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìlọ́po kan dá a padà. Tí CT bá jẹ́ 800/5, ìlọ́po rẹ̀ ni 160. Ká ní mítà fi 640 sún síwájú láàrin oṣù:

```
640 x 160       = 102,400 kWh
102,400 x N210  = N21,504,000
VAT 7.5%        = N1,612,800
Àpapọ̀           = N23,116,800
```

(Mo fi N210 ṣe ìṣirò kó lè rọrùn ni. Iye tó wà lórí bíìlì yín ni kí ẹ lò.) Ká wá ní ẹni tó kọ bíìlì rò pé CT yín jẹ́ 1000/5. Ìlọ́po di 200, kWh di 128,000, ẹ sì ti fi N5,376,000 san iná tí ẹ kò jẹ, kí VAT tó dé. Àwọn mítà tuntun kan sì wà tí wọ́n ti fi ìlọ́po náà sí inú wọn. Tí ẹnìkan bá tún fi 160 lu ohun tí ó rí lójú irú mítà bẹ́ẹ̀, iye náà á ga débi pé ojú lásán á rí i.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò:

1. Ẹ yan àkókò tí ẹrù dúró jẹ́ẹ́, tí ẹ̀rọ kankan kò ń tàn tí kò ń kú.
2. Ẹ fi mítà kílámpù gán wáyà fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba wọn. Ká ní ó jẹ́ 400 A.
3. Ẹ ṣe ìṣirò yìí, 0.8 ni pawa fákítọ̀, ìyẹn kW tí a pín sí kVA, tí mítà iná yín fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn:

```
kW = 1.732 x 415 x 400 x 0.8 / 1000 = 230
```

4. Ìṣẹ́jú 15 ti 230 kW jẹ́ 57.5 kWh. Mítà tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 160 gbọ́dọ̀ sún ní nǹkan bíi 0.36 láàrin ìṣẹ́jú 15 náà.

Tí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta iye yẹn, ó ṣeé ṣe kí CT fésì kan ti kú. Ìyẹn máa ń dùn mọ́ àwọn ọ̀gá kan nínú títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ka gbèsè ẹ̀yìn fún wọn. Ẹ kọ lẹ́tà kó tó dọjọ́ náà.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣí àpótí CT fúnra yín. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ti fi èdìdì dì í, CT tí wọ́n tú wáyà rẹ̀ nígbà tí iná ń kọjá lè pa ènìyàn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn ẹrù fún ọjọ́ méje

Mítà MD púpọ̀ máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀. Tí kò bá tètè dé, ẹ yá ẹ̀rọ agbàkọsílẹ̀ iná tí wọ́n ń gán mọ́ ẹnu àbáwọlé. Tí ìyẹn náà kò bá sí, ẹ fún ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìwé àti aago: kí ó máa kọ áńpì fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti fi ìwé báyìí rí ṣóńṣó tí ẹ̀rọ olówó ńlá kan kò rí, torí pé ọmọ náà ń kọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: "wọ́n tan kúráṣà," "iná dé."

"Iná dé" yẹn ṣe pàtàkì. Kí ọjọ́ méje náà ní ó kéré tán ìgbà kan tí iná lọ tí ó sì padà. Ní ilé-iṣẹ́ wa níhìn-ín, ìgbà tí iná bá dé ni gbogbo nǹkan máa ń dìde pa pọ̀: omi ṣílà tí ń tu ẹ̀rọ lára ti gbóná, táǹkì afẹ́fẹ́ ti ṣófo, hítà ti tutù, gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì sì wà ní títàn sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pe ẹrù tó wà ní ṣóńṣó lórúkọ

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ike, tí ó ní ẹ̀rọ ike mẹ́rin, ọ́fíìsì alájà kan, tiransifọ́mà 500 kVA àti jẹnẹrétọ̀ 500 kVA. Ẹ̀rọ ike méjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Wọ́n máa ń tan méjì yòókù ní aago méje ààbọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ 30 kW tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ 40 kW fún nǹkan bíi wákàtí kan tó bá ń gbóná. Aago mẹ́jọ kọjá ni ṣóńṣó rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

| Ẹrù | kW |
|---|---|
| Ẹ̀rọ ike: méjì ń ṣiṣẹ́, méjì ń gbóná | 140 |
| Kọmpirẹ́sọ̀ méjì (45 àti 37) | 82 |
| Ṣílà | 40 |
| Kúráṣà | 30 |
| Ọ́fíìsì: ẹ̀rọ amúlétutù 16, kọ̀ǹpútà, kẹ́tùlù | 27 |
| Pọ́ńpù kànga | 11 |
| Iná àtùpà | 8 |
| Àpapọ̀ | 338 |

Pẹ̀lú pawa fákítọ̀ 0.8, 338 kW jẹ́ nǹkan bíi 423 kVA, ìyẹn 588 A lórí tiransifọ́mà tí agbára rẹ̀ parí sí 696 A. Ọ̀gá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ ike méjì kún un. Wọ́n ti ní kí ó lọ ra jẹnẹrétọ̀ 800 kVA.

Ẹ bi ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló ní kí o wà níbí ní aago mẹ́jọ kọjá?" Kúráṣà kò ní ìdáhùn. Ẹnìkan ló kàn ń tan án lówùúrọ̀ torí pé ìdọ̀tí ike òru ti kún ilẹ̀. Pọ́ńpù náà kò ní: òru ni omi inú táǹkì ń tán, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tò wọ́n, kí ẹ tó ra ohunkóhun

1. Ẹ̀rọ tó ń gbóná. Ẹ tan ẹ̀kẹta ní aago mẹ́fà, ẹ̀kẹrin ní aago méje. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́jọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti ń ṣiṣẹ́: 140 di 120. Ẹni kan gbọ́dọ̀ tètè dé nítorí èyí. Ẹ sanwó rẹ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni ètò náà máa kú.

2. Kúráṣà àti pọ́ńpù. Òru ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò òru náà: ẹ̀rọ ike méjì 60, kúráṣà 30, kọmpirẹ́sọ̀ 45, ṣílà 40, pọ́ńpù 11, àtùpà 8, ó jẹ́ 194 kW. Ó gbà á. Ẹ fi tíma sí pọ́ńpù kó má dúró de ènìyàn, kí kúráṣà sì ti parí kó tó di aago mẹ́fà.

3. Kọmpirẹ́sọ̀. Èyí ni kí ẹ lo àkókò lé lórí. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí, ẹ tan kọmpirẹ́sọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo afẹ́fẹ́. Tó bá ń kún fún ìṣẹ́jú 2, tó ń sinmi fún ìṣẹ́jú 3, ìdá 2 nínú 5, ìyẹn 40% agbára rẹ̀, ló ń jò dànù:

```
jíjò % = kíkún / (kíkún + sísinmi) x 100
```

Ẹ jẹ́ kó wá sí ìsàlẹ̀ 10%. Ẹ fi omi ọṣẹ wá ojú jíjò ní ìdè okùn, fáàfù àti ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí afẹ́fẹ́ náà ṣe le tó: bí ẹ bá dín in kù ní báà kan, iná tí kọmpirẹ́sọ̀ ń jẹ máa dín kù ní nǹkan bíi 6 sí 7%. Nínú àpẹẹrẹ wa, kọmpirẹ́sọ̀ kejì, 37 kW, kàn ń bọ́ jíjò ni. Ó kú: 82 di 45.

4. Ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì kéré nínú tábìlì yẹn, ṣùgbọ́n orí ṣóńṣó gan-an ló máa ń jókòó lé. Gbogbo èèyàn ń wọlé ní aago mẹ́jọ, oníkálùkù á tẹ ẹ̀rọ amúlétutù sí 16°C bíi pé 16 ló máa jẹ́ kó yára. Kì í jẹ́ kó yára; kì í kàn jẹ́ kó sinmi ni. Ẹ fi í sí 24°C, kí wọ́n tan ìdajì wọn ní aago méje ààbọ̀, ìdajì kejì ní ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn rẹ̀. 27 di 18. Ẹ bá àwọn obìnrin tó wà ní ẹ̀ka ìṣírò owó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣe é. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì fi ìwé bo ojú tíma mi.

5. Ìgbà tí iná bá dé. Ẹ fi rílé ìdádúró sí ara kọ̀ńtáktọ̀: àtùpà àti ṣílà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọmpirẹ́sọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, hítà ẹ̀rọ ike lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20.

Àpapọ̀ tuntun: 120 + 45 + 40 + 18 + 8 = 231 kW. 107 kW ti lọ, a kò sì tíì ra ju tíma àti rílé lọ.

## Ìgbésẹ̀ 6: Kapásítọ̀, bóyá

Kapásítọ̀ máa ń gbé pawa fákítọ̀ sókè, kVA á sì dín kù. Ẹni tó ń tà á máa sọ pé bíìlì yín á lọ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi kWh nìkan gba owó, kò rí bẹ́ẹ̀, àfi díẹ̀ bíńtín tí wáyà yín ń fi gbóná. Kò sì dín dísẹ́ẹ̀lì kù, nítorí kW ni ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Àpótí kékeré tí wọ́n ní kí ẹ kì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì "láti dín iná kù" kò tilẹ̀ yẹ kí a jíròrò.

Ibi tí kapásítọ̀ ti wúlò ni ibi tí kVA ti ń há yín: tiransifọ́mà tó ti fẹ́ kún, tàbí àdéhùn tó ń gba owó kVA. Láti gbé 231 kW láti 0.8 lọ sí 0.95, kapásítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 97 kvar ni ẹ nílò, ẹ ra 100, èyí tí ń pa tí ń tan ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele. 289 kVA á di 243.

Ìkìlọ̀: Ẹ jẹ́ kó já kúrò tí jẹnẹrétọ̀ bá gba iṣẹ́. Kapásítọ̀ tó pọ̀ ju ẹrù lọ lórí jẹnẹrétọ̀ máa ń gbé fóltéèjì sókè, ó sì lè ba ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ya owó tòótọ́ sọ́tọ̀

Kúráṣà àti pọ́ńpù tó lọ sí òru, lórí bíìlì: òdo. Ẹ kọ òdo sílẹ̀, ẹ má tijú.

Kọmpirẹ́sọ̀ kejì tó kú: ká ní ó máa ń ṣe iṣẹ́ tó tó wákàtí 8 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26.

```
37 x 8 x 26     = 7,696 kWh
7,696 x N210    = N1,616,160
pẹ̀lú VAT 7.5%   = N1,737,372 lóṣù
```

Ọ́fíìsì: 9 kW, wákàtí 8, ọjọ́ 22, jẹ́ 1,584 kWh, ìyẹn N332,640 kí VAT tó dé. Iye yìí á kéré sí i tí 9 kW náà kò bá dúró bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún un wọ̀n.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Ríra sọ́fù sítátà, tí ń tan mọ́tò díẹ̀díẹ̀, láti dín ṣóńṣó kù. Agbára tí mọ́tò fi ń dìde kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Jẹnẹrétọ̀ ló ń rí i. Ibẹ̀ ló ti wúlò.
- Ríro kW ara ẹ̀rọ pọ̀. Mọ́tò 37 kW lè máa jẹ 22. Ẹ wọ̀n ọ́n.
- Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi jù. Tó bá ń gbé ẹrù tí kò tó 30% fún ìgbà pípẹ́, epo kì í jó tán. Ẹ máa rí òróró dúdú ní ẹnu páìpù èéfín. Ẹ wá kékeré fún òru àti ọjọ́ Àìkú.

## Tó bá jẹ́ pé ẹ ń san owó kVA

Àwọn tó ń ra iná lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì aládàáni lè ní irú owó yìí nínú àdéhùn wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ilé-iṣẹ́ yín wà ní Kùtọnu tàbí Lomé, tí ẹ ń gba iná fóltéèjì àárín: ẹ ń san owó lórí agbára tí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún, kí kWh tó dé. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú ìwé náà:

1. Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń ṣe ìpíndọ́gba?
2. Ṣé ṣóńṣó oṣù kan lè máa tẹ̀ lé yín fún àwọn oṣù tó kù nínú ọdún? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, òwúrọ̀ kan tí wọ́n gbàgbé ètò títàn ẹ̀rọ lè ná yín ní owó ọdún kan.
3. Kí ni ìyà tó wà fún kíkọjá ààlà, àti ìgbà wo ni wọ́n gbà kí ẹ dín ààlà náà kù?

Ẹ má dín ààlà kù kí ètò tuntun tó pé oṣù mẹ́ta láìyẹsẹ̀.

## Kí ló dé bá jẹnẹrétọ̀ 800 kVA?

Ẹ fi ẹ̀rọ ike méjì tuntun kún ètò tuntun náà: 231 + 60 = 291 kW. Jẹnẹrétọ̀ 500 kVA ń gbé 400 kW, nítorí náà 73% ló wà. Tiransifọ́mà náà, 364 kVA nínú 500, 73%. Bí kọmpirẹ́sọ̀ kejì bá tilẹ̀ ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́, 328 kW ni. Tó bá jẹ́ ètò àtijọ́ ni, 338 + 60 jẹ́ 398, tí méjì tuntun náà bá sì ń gbóná lásìkò kan náà, 418. Jẹnẹrétọ̀ á ti kú lójú gbogbo yín.

Ẹ lẹ ètò títàn ẹ̀rọ mọ́ ara ògiri páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹ̀rọ karùn-ún wọlé ní aago márùn-ún, kí ẹ̀kẹfà wọlé ní aago mẹ́rin, kí ẹ sì tún gbé ìwé àti aago fún ọmọ yẹn fún ọjọ́ méje mìíràn.